Orí Tí Àjàlá Mọ, Ọwọ́ Tó Já Fóònù Gbà

Nínú ìtàn Àjàlá tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ láti inú Odù Ogbègúndá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Kí wọ́n tó lè wáyé, wọ́n ní láti dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú mú tirẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà síbì kankan. Wọn kò bá onílé, wọ́n sì mú èyí tó wù wọ́n lójú, láìmọ̀ pé orí náà kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó ń fọ amọ̀ orí wọn dànù díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọn yóò sì fi dáyé, ohun tó kù lọ́rùn wọn kò tó nǹkan. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú iyọ̀ àti owó. Lójú ọ̀nà ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì fún un níyọ̀. Oníbodè yìí ló mú un dé ilé Àjàlá, níbi tí Àjàlá ti gun òkè àjà lọ sá pamọ́ fún ẹni tó jẹ lówó. Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà, Àjàlá sì tìkara rẹ̀ bá a ṣa orí tó dára.

Ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń parí ẹjọ́. Ọjà kò tà ní Dùgbẹ̀, orí ni. Ọmọ kò ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́, orí ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sí i dáadáa, a ó rí i pé ńṣe ló dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ṣé Orísèékú jẹ̀bi orí tó mú? Kò sí ẹni tó tì í. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Síbẹ̀ kò lè mọ èyí tó jiná yàtọ̀ sí èyí tí kò jiná. Afùwàpẹ́ ńkọ́? Ó ṣe ọmọlúàbí, ó fúnni níyọ̀, ó sangbèsè, àmọ́ ta ló fún un ní bàbá tó mọ ifá?

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò wa ti fa ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi tó le jù: yíyàn tí ẹni tó ń yàn kò mọ ohun tó wà nínú ohun tó ń yàn, ó ṣòro kí a pè é ní yíyàn tòótọ́. Olúṣẹ́gun Ọládípọ̀ kọ tirẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn. Ọládélé Balógun wá sọ ọ́ gbangba ní 2007 pé ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa orí kì í ṣe ti ẹni tó ká ọwọ́ gbera: a gbà pé orí ní agbára lórí ẹni, a sì tún gbà pé ẹni náà lè jẹ̀bi, ó lè gba oríyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí Balógun ń sọ yìí ni ẹ̀yà kan nínú àríyànjiyàn tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́, òun sì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú alátakò rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìtàn Àjàlá kò gbè é tó bí Balógun ṣe rò.

Kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ìyàtọ̀ wà láàárín kádàrá tí ohunkóhun tí ènìyàn bá ṣe kò lè yẹ̀, àti ẹ̀kọ́ pé gbogbo nǹkan ló ní okùnfà. Nínú eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968, èyí tó sọ lórúkọ rẹ̀ pé àwọn òrìṣà kọ́ ló lẹ́bi, Ọdẹ́wálé sá kúrò nílé nítorí àsọtẹ́lẹ̀, ìsá náà ló sì gbé e dé ibi tó ń sá fún. Kádàrá nìyẹn: gba ọ̀tún, gba òsì, ibì kan náà lo máa já sí. Ẹ̀kọ́ okùnfà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé bí ènìyàn bá ṣe nǹkan mìíràn, nǹkan mìíràn ni yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ohun tí ènìyàn ṣe gan-an ní okùnfà tirẹ̀, okùnfà yẹn ní òmíràn lẹ́yìn, títí dé ohun tó ti wà kí a tó bí i. Ìbínú Ọdẹ́wálé, tó mú kó pa àgbàlagbà tó bú ẹ̀yà rẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, jẹ́ okùnfà irú èyí: ohun tí ó ṣe ti inú ìwà rẹ̀ wá, ìwà rẹ̀ sì ti ibòmíràn wá.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹjọ́ kan tí mo hun fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan dúró ní Agbówó lálẹ́, lódìkejì ẹnubodè Yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń sọdá, fóònù rẹ̀ ń tàn lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọlọ́pàá, ó já fóònù náà gbà, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ. Wọ́n mú un lọ́jọ́ kejì níbi tó ti fẹ́ tà á. Kò sẹ́. Ó ní òun fẹ́ owó ni.

Ẹgbẹ́ kìíní, tí n ó pè ní onídandan, yóò béèrè ibi tí fífẹ́ yẹn ti wá. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn tó bá rìn ní gáréèjì ló kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ojú ọ̀nà, ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí kì í lè fi sùúrù dúró de owó. Èwo nínú wọn ló yàn? Bí o bá sì wí pé ó yan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwà kan ló fi yàn wọ́n, ìwà yẹn náà sì ti ibì kan wá. Láti ọjọ́ tí Baron d'Holbach ti kọ̀wé rẹ̀ ní Faransé ní 1770 ni àlàyé yìí ti wà. Peter van Inwagen, tí òun alára kì í ṣe onídandan, ló wá rán an ní aṣọ tó le jù ní 1983: bí gbogbo ohun tí à ń ṣe bá jẹ́ àbájáde bí ayé ṣe rí kí a tó bí wa àti òfin tí ayé fi ń yí, tí bí ayé ṣe rí nígbà náà kò sí lọ́wọ́ wa, tí òfin ayé kò sì sí lọ́wọ́ wa, a jẹ́ pé àbájáde wọn náà kò sí lọ́wọ́ wa. Onídandan gba ìpìlẹ̀ náà, ó sì gba ìparí rẹ̀. Ọmọkùnrin Agbówó jí fóònù lóòótọ́, ó burú lóòótọ́, ó yẹ kí a dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ìyà kankan tó *tọ́ sí i*, gẹ́gẹ́ bí kò ti tọ́ sí Orísèékú pé kí orí rẹ̀ fọ́ lábẹ́ òjò.

Àwọn kan máa ń sáré sọ pé ìmọ̀ físíìsì òde òní ti fi hàn pé àwọn nǹkan tíntìntín inú ayé kì í ṣe dandan mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ ọmọkùnrin náà bá mì nítorí ohun tó kàn ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó ní òmìnira ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì, àwọn oníbàáramu, gbà pé okùnfà wà, wọ́n sì ní òmìnira wà pẹ̀lú, àwọn méjèèjì kò bára wọn jà. Thomas Hobbes ti sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, David Hume tún un sọ ní 1748: òmìnira ni kí ènìyàn ṣe ohun tó fẹ́ láìsí ẹ̀wọ̀n tàbí ipá lára rẹ̀. Bó ṣe wà lẹ́nu wọn yìí ó kúrú jù, nítorí ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń darí náà ń ṣe ohun tó fẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn tún un ṣe. Fún John Martin Fischer àti Mark Ravizza, tí wọ́n kọ̀wé pọ̀ ní 1998, ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ọkàn tó ṣe ìpinnu náà lè gbọ́ ìdí, kí ó sì yí padà nítorí ìdí.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ní kóòtù gíga Ring Road. Abala 28 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó béèrè ohun mẹ́ta nípa ẹni tí wọ́n bá ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé: ǹjẹ́ ó lágbára láti mọ ohun tó ń ṣe, ǹjẹ́ ó lágbára láti kó ara rẹ̀ níjàánu, ǹjẹ́ ó lágbára láti mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é? Bí àìsàn bá ti mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò jẹ̀bi. Abala 30 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi rárá, ẹni tí kò tíì pé 12 kò sì lè jẹ̀bi àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó lè mọ̀ pé kò yẹ. Òfin náà kò béèrè ẹni tó fún ènìyàn ní ọkàn rẹ̀. Ohun tí ọkàn náà lè ṣe ló béèrè. Àwọn adájọ́ Òyìnbó tilẹ̀ ní ìdánwò kan tó rọrùn fún ẹni tó bá ní òun kò lè kó ara òun níjàánu: ká ní ọlọ́pàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ì bá ṣe é? Ọmọkùnrin Agbówó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìwòye yẹn nìkan tó láti fi hàn pé ìdí lè dá a dúró. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, òun ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yìí. Ó bá bí a ṣe ń gbé ilé mu. Àmọ́ ó ní ọ̀tá kan tí ó ń já a láyà.

Derk Pereboom ló gbé ọ̀tá náà jáde ní 2001, pẹ̀lú ìtàn mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn. N ó wọ̀ wọ́n láṣọ Àjàlá, nítorí ó bá wọn mu ju bí Pereboom fúnra rẹ̀ ti lè rò lọ. Nínú ìtàn kìíní, Àjàlá ń darí ọkàn ọmọkùnrin náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti ọ̀run. Kì í fipá mú un, ńṣe ló ń jẹ́ kí ó ro ìdí, kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì fẹ́ owó, gbogbo rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìwà rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá wà níbẹ̀, Àjàlá ì bá jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ṣé ó jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní rárá, Àjàlá ló lẹ́bi. Nínú ìtàn kejì, Àjàlá kò darí rẹ̀ mọ́ láyé. Orí rẹ̀ ló mọ, ó sì mọ ọ́n lọ́nà tó mọ̀ pé yóò fi jí fóònù ní Agbówó lọ́jọ́ kan báyìí. Kí ló yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí pé ó ti pẹ́? Nínú ìtàn kẹta, kò sí Àjàlá, àwọn ará ilé àti àwọn ará gáréèjì ló mọ ọkàn ọmọ náà láti kékeré, kí ó tó ní agbára láti kọ̀ fún wọn. Nínú ìtàn kẹrin, kò sí ẹni tó fẹ́ nǹkan kan. Ayé lásán ló mọ ọ́n, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti àdúgbò.

Oníbàáramu ní láti tọ́ka sí ibi tí ẹ̀bi ti wọlé láàárín ìtàn kìíní àti ìkẹrin. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ náà ní gbogbo ohun tí abala 28 béèrè. Ó gbọ́ ìdí, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó lè dúró bí ọlọ́pàá bá wà. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò bá tó láti sọ ọ́ di ẹlẹ́bi nígbà tí Àjàlá ń mọ ọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi tó nígbà tí ilé àti àdúgbò ń mọ ọ́n? Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìtàn orí kò gbè Balógun tó bó ṣe rò. Nínú ìtàn yẹn, ẹnìkan wà lẹ́yìn orí, amọ̀kòkò tó ní gbèsè lọ́rùn, tí orí tó jiná àti èyí tí kò jiná jọ wà nínú ilé rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò fi ìyàtọ̀ wọn han Orísèékú. Ẹ̀kọ́ nípa ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ẹni kò mú ìṣòro náà kúrò, torí ẹni tó ní ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ra, orí ló pín in fún wọn.

Àwọn oníbàáramu ti wá ìdáhùn. Ọ̀nà kan ni pé kí a ní alágbára kan tó ń darí ẹni láti ìta ló ń ba òmìnira jẹ́, ayé lásán kò ní ète. Èyí kò mú mi lọ́kàn: bí a bá fi ẹ̀rọ kan tí ààrá ṣèèṣì dá rọ́pò Àjàlá, tó sì mọ orí kan náà gan-an, ǹjẹ́ ọmọ náà ti wá jẹ̀bi? Ọ̀nà kejì, ti Michael McKenna ní 2008, ní ìgboyà jù. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtàn kẹrin. Ọmọ lásán ní Agbówó, tí ayé mọ bí ó ti ń mọ gbogbo wa. Kò tíì dá wa lójú pé kò jẹ̀bi. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀ láàárín ìkẹrin àti ìkìíní, bóyá ohun tó yẹ kí a rò ni pé a yára jù láti tú u sílẹ̀ nínú ìkìíní. Ó jẹ́ ìdáhùn tó tọ́ lójú ìmọ̀ ìfiròrò. Síbẹ̀, mo gbìyànjú láti fi inú mi gbà á, mi ò lè rí i bí ẹni tí wọ́n ń darí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò ṣe yẹ fún ìyà.

Ṣé onídandan ti wá borí? Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. P. F. Strawson ti sọ ní 1962 pé a kò lè gbé láìbínú, láìdúpẹ́, láìdárí jì, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní bíbá ènìyàn lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé ohun kan kò ṣe é fi sílẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Èyí tó le jù ni ti ìwọ̀n.

Onídandan kò fẹ́ kí a tú olè sílẹ̀. Pereboom ní kí a ṣe sí i bí a ti ń ṣe sí ẹni tó ní àrùn tó ń ranni. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà dé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó àwọn tó ní àrùn náà lọ sí Olódó. Kò sí ẹni tó ní wọ́n jẹ̀bi, wọ́n sì wà níbẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kí olè wà ní àhámọ́, títí ewu rẹ̀ yóò fi lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá gbé e lé orí ẹjọ́ wa. Jíjí nǹkan gbà lára ẹni nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ń gba ẹ̀wọ̀n ọdún 7, ó pẹ́ jù. Níbo ni ọdún 7 yẹn ti wá? Ó wá láti inú èrò pé fóònù kan kò ju báyìí lọ, ohun tó tọ́ sí ẹni tó jí i kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bí o bá yọ “ohun tó tọ́ sí i” kúrò, ewu nìkan ló kù. Ọmọ 22 tó ń já fóònù gbà lè tún un ṣe lọ́la, àti lọ́túnla. Ọkùnrin ẹni 60 ní Bódìjà tó fi ìbínú pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má tún pa ẹnikẹ́ni mọ́ láé. Ní ìlànà ewu, ọmọ fóònù ni yóò pẹ́ ní àhámọ́, apànìyàn sì lè máa lọ sílé.

Saul Smilansky sì fi òmíràn kún un ní 2011. Bí ìyà kò bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹni tí a há mọ́ nítorí ààbò àwa yòókù ní ẹ̀tọ́ láti gba owó gbà-má-bínú, yàrá tó dáa, oúnjẹ tó dáa. Ẹ fojú inú wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi tó rí bí òtẹ́ẹ̀lì. Ta ni yóò bẹ̀rù àtilọ síbẹ̀? Pereboom fèsì pé ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ara ẹni ní ààlà tirẹ̀: a kò gbọdọ̀ ṣe ẹnikẹ́ni níbi ju èyí tó kéré jù tí yóò gbà wá lọ. Ó dára, àmọ́ ẹni tó ń wọn èyí tó kéré jù yìí ni ìjọba, ewu ọ̀la ló sì fi ń wọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè kò ó lójú kó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n kò tíì gba ìdájọ́ kankan, àhámọ́ tí kò ní ìwọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń fi ọpọlọ rò. Ó ti wà nílẹ̀. Ààbò kan ṣoṣo tí ẹlẹ́wọ̀n ní sí i ni kí ó lè wí pé, ohun tí mo ṣe kò tó èyí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Lórí ìbéèrè pé iṣẹ́ ọwọ́ ta ni, oníbàáramu ló jàre, àwọn ìbéèrè mẹ́ta abala 28 sì ni ìbéèrè tó yẹ. Lórí pé kí ẹnikẹ́ni jìyà nítorí pé ìyà dára fún un, onídandan ló jàre, ìtàn mẹ́rin yẹn kò sì tíì rí ẹni tó tú wọn. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbé táyà àti epo bọ̀ níbi tí wọ́n ti mú olè ní Challenge mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: ohun tó fẹ́ dáná sun kì í ṣe ohun tí ọmọ náà mọ fúnra rẹ̀. Èrò ohun tó tọ́ síni wá kù fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé kí ó jẹ́ òrùlé fún ìyà, kó má jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ó sì dà bíi pé kóòtù wa ti ń ṣe méjèèjì láìpe orúkọ wọn. Títí adájọ́ yóò fi sọ pé “mo rí ọ ní ẹlẹ́bi,” kò sí ẹni tó bìkítà pé bàbá olùjẹ́jọ́ ti kú. Ohun tí ọkàn rẹ̀ lè ṣe nìkan ni ẹjọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà ni lóyà rẹ̀ yóò dìde bẹ̀bẹ̀ fún àánú, ibẹ̀ sì ni gbogbo okùnfà yóò ti dé: ọmọ òrukàn ni, òun ló ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ búburú ló kó o. Fún olè fóònù, ẹ̀bẹ̀ yìí lè dín ọdún 7 kù sí oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òfin ìdigunjalè ti fi ikú ṣe ìyà kan ṣoṣo, lóyà lè bẹ̀ títí di alẹ́, adájọ́ kò ní ibi tí yóò gbé ẹ̀bẹ̀ náà sí.